Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń jìnnà sí ẹ: bí a ṣe ń béèrè bóyá a ti ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀

Ádímìn yín ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí kì í lè gbọ́ ohùn nínú ariwo ọjà ni wọ́n ní ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà rèé.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ọ̀rẹ́ tó ń jìnnà síni. Kò bá ẹ jà, kò bú ẹ, ó ṣì ń dá ẹ lóhùn tí o bá kí i. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. O wá ń rò ó lóru pé, àbí mo ṣe nǹkan fún un ni? Báwo ni èèyàn ṣe ń béèrè irú ẹ̀ tí kò fi ní di ìjà?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì kan ṣe àlàyé. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ. Sábọ́n Gàrí ní Kánò ni àwọn méjèèjì ti ń tajà, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà síra. Ẹ jẹ́ ká pe ẹ̀gbọ́n ní Àǹtí Oníbàtà, ká pe àbúrò ní Ìyá Ìbejì, aṣọ ọmọdé ni òun ń tà. Wọ́n jọ máa ń da ẹrù pọ̀ láti Èkó kí owó ọkọ̀ lè dínkù. Wọ́n jọ máa ń wọ kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sílé lálẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kejì ṣọ́ọ̀bù ẹnì kìíní wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún àwa tí a wà lájò. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lọ́jà lóru, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹbí rẹ nígbà yẹn, nítorí àwọn ẹbí tòótọ́ wà ní Ọ̀ṣogbo.

Àǹtí lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ìsìnkú. Nígbà tó dé, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí nǹkan fi yí padà. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù ṣáájú, ó ń dá wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹrù tó tún kó láti Èkó, òun nìkan ló dá a kó. Nígbà tó yá ó ní òun fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ òun, pé ọmọ òun fẹ́ máa lò ó.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá Ìbejì ṣe ni pé ó kọ́kọ́ wo nǹkan dáadáa kó tó la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Nǹkan méjì ni ẹ máa wò. Èkíní, ṣé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àbí ìwọ nìkan? Ẹni tí owó rẹ̀ há, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tó ń ṣọ̀fọ̀, gbogbo èèyàn ló máa ń sá fún. Ìyá Ìbejì ti kọ́kọ́ rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó rí i pé Àǹtí ń bá obìnrin tó ń ta ìkòkò rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá àwọn alábàárù ṣeré. Òun nìkan ni ojú ń le sí. Èkejì, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ní ìgbà yẹn? Ó rántí pé lẹ́yìn ìrìn-àjò Ọ̀ṣogbo ni. Kò tíì mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́ wá.

Ohun tí kò ṣe náà ṣe pàtàkì. Kò lọ bi obìnrin oníkòkò pé, "Ṣé Àǹtí sọ nǹkan nípa mi?" Tí o bá béèrè báyẹn lọ́jà, kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ á ti dé etí Àǹtí pé Ìyá Ìbejì ń tọ pinpin òun káàkiri. Ohun tí ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni méjì á wá di ti gbogbo láìnì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá yan ibi tí wọ́n ti máa sọ ọ́. Kì í ṣe iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án tí oníbàárà ń ná ọjà. Kì í ṣe orí gúrúùpù. Kì í sì í ṣe ohùn gígùn lórí Wọ́sáàpù, nítorí ẹni tí inú ń bí lè fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ìwọ kò sì ní rí ojú rẹ̀ kó o mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ ń wọlé. Fóònù wà fún gbígba àyè nìkan. Ohun tó kọ ránṣẹ́ kò ju èyí lọ: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ wá kí yín nílé, mi ò ní pẹ́." Kò kọ ọ́ pé "A ní ọ̀rọ̀ láti sọ." Irú ìyẹn máa ń já èèyàn láyà, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, á ti to ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń béèrè pé, "Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí. Ó dún bí ẹni ń sọ pé mi ò ṣe nǹkan kan fún ẹ, tó bá wà, sọ ọ́ kí n gbọ́. Ìpèníjà ni. "Ṣé ò ń bínú sí mi ni?" náà kò dára tó, nítorí ìbínú lo fi kàn án. Á ní òun kò bínú, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀, ó wá ní: "Àǹtí mi, mo rí i pé a kì í jọ wọ kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti dé láti ilé. Àárò yín ń sọ mí. Mo wá rò ó pé, ǹjẹ́ mo ti ṣe ohun kan tó dùn yín, tí mi ò mọ̀? Bó bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ó sọ ohun kan péré tó rí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Kò ka ti ẹrù, kò ka ti kọ́kọ́rọ́, torí tí èèyàn bá ti ń ka mẹ́ta mẹ́rin, ẹ̀sùn ló ń kà. Ó sọ pé àárò ń sọ òun, kí Àǹtí mọ̀ pé kì í ṣe ìjà ló gbé e wá. Ó wá fi "tí mi ò mọ̀" sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ṣílẹ̀kùn, nítorí ó gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun ti ṣẹ̀, kò sì sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Àǹtí ní, "Kò sí nǹkan o." Ìyá Ìbejì kò tún béèrè, kò sì dìde. Ó kàn ní, "Ó dáa, Àǹtí mi." Ó jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀, Àǹtí wá ní, "Àbí o rántí ọkùnrin tó wá láti Dùtsẹ̀?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Àǹtí wà ní Ọ̀ṣogbo, oníbàárà rẹ̀ kan wá ra bàtà ìléèwé 24. 4,500 náírà ni Àǹtí ń ta ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn ní 4,200 ni wọ́n máa ń tà á fún òun. Ìyá Ìbejì gbà á gbọ́, ó tà á, ó sì san gbogbo owó náà, 100,800 náírà, sí àkáǹtì Àǹtí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lójú tirẹ̀, oore ló ṣe. 7,200 náírà ni Àǹtí pàdánù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ọkùnrin yẹn ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn oníbàárà mẹ́ta ló ti wá ní 4,200 làwọn máa san, àti pé Ìyá Ìbejì kò pe òun lórí fóònù kó tó tà á. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin yẹn ló purọ́ o, èmi kọ́!" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kàn án. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mo ta ọjà yín láìpè yín, wọ́n wá ń fi ná yín ní ìnákúnàá. Ó yẹ kó dùn yín." Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó dun Àǹtí, kó tó sọ tirẹ̀. Ìgbà tí Àǹtí fúnra rẹ̀ béèrè pé kí ló dé tí kò pè, ló tó ṣàlàyé: "Ẹ wà níbi ìsìnkú, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu." Tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àwáwí ni ì bá jọ.

Ó ní òun á san 7,200 náà, Àǹtí kọ̀. Wọ́n wá jọ fẹnu kò pé kí oníkálukú kọ iye ọjà rẹ̀ sínú ìwé kó tó rìnrìn-àjò, ẹni tó bá sì ná ọjà kọjá ìsàlẹ̀ iye yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹni tó ni ín. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan tún padà bọ̀ sípò o. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kẹ̀kẹ́ kan náà lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó tó oṣù kan kí Àǹtí tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Bí ti yín bá dúró sórí "kò sí nǹkan" ńkọ́? Ẹ wo ohun tó bá tẹ̀ lé e. Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀ tó tún ń bá ẹ sọ̀rọ̀, tó ń sọ wàhálà owó tàbí ti ọmọ, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìwọ rárá. Má fi dandan mú un, kàn ràn án lọ́wọ́ níbi tó bá ti ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bó bá wí bẹ́ẹ̀ tó sì ń wo ilẹ̀kùn, sọ pé, "Mo gbà. Ìgbàkígbà tó bá sọ sí yín lọ́kàn, ẹ pè mí." Kó o lọ. Máa kí i bó o ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń béèrè lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ló ń tù, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àgbà ìlú ńkọ́? Bí owó àjọ tàbí ẹrù àjọkó bá wà láàárín yín, tó o sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì, o lè wá àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Ẹnì kan péré o. Tí ẹ bá ti kó o dé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹjọ́ ló ti dà.

Mo dúró síbẹ̀ ná. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ tó ń dà á láàmú, kó má sọ ọ́ sórí gúrúùpù, kó bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ọjà á tà o.