Ibo Ni 100 Mílíọ̀nù Gbà Lọ? Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìlọ́po Ìnáwó Ìjọba

Orí tábìlì ìdáná wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń múra ìdánwò ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. 1.54 ni mò ń rí, ìwé ní 1.67 ni. Ṣé ìwé ló ṣì í ni?"

Ìwé ò ṣì í. Ọmọ náà ò sì gọ̀. Àṣìṣe tó ṣe, ọ̀pọ̀ àgbà ló ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá là á yé gbogbo wa.

Ìbéèrè náà nìyí. Ìjọba orílẹ̀-èdè kan fẹ́ ná 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn láti fi tún ojú ọ̀nà ṣe. Nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá kù sí àwọn ará ìlú lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó orí, wọ́n máa ń ná pẹ́nsì 80, wọ́n á fi pẹ́nsì 20 pamọ́. Owó orí jẹ́ pẹ́nsì 25 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́nsì 20 nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ń lọ sórí ọjà tó ti òkèèrè wá. Èló ni owó tó ń wọlé fún gbogbo ìlú máa fi lé sí i?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí 100 fi lè ju 100 lọ. Ohun tí ẹnì kan ná ni ẹlòmíì ń gbà. Òṣìṣẹ́ tó tún ọ̀nà ṣe gba owó oṣù rẹ̀, ó lọ gẹ irun. Onígbàjámọ̀ gba tirẹ̀, ó fi jẹun. Olóúnjẹ náà gba owó, ó fi san owó ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Owó kan náà ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Richard Kahn, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan ní Kémbíríìjì, ló ṣàlàyé ìṣírò yìí nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1931. John Maynard Keynes sì gbé e sínú ìwé ńlá rẹ̀ ní 1936. Iye ìgbà tí owó ìjọba fi di púpọ̀ báyìí la ń pè ní ìlọ́po.

Ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ń jò. Ẹ fi ojú inú wo agbè tó ní ihò mẹ́ta. Ihò àkọ́kọ́ ni owó orí, ìkejì ni owó tí àwọn èèyàn fi pamọ́, ìkẹta ni ọjà òkèèrè. Owó tó bá ti jò jáde ò lè di owó ẹlòmíì nínú ìlú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀lé 100 mílíọ̀nù yẹn. Ó dé ọwọ́ àwọn tó ṣe ọ̀nà. Ìjọba gba 25 lórí rẹ̀, ó ku 75. Nínú 75 yìí, wọ́n fi 15 pamọ́, wọ́n ná 60. Nínú 60 tí wọ́n ná, 20 ti lọ sí òkèèrè, nítorí pẹ́nsì 20 nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó wọlé la sọ pé ó ń lọ síbẹ̀. Ó wá ku 40 mílíọ̀nù tó wọ àpò ará ìlú míì.

Àwọn tó gba 40 náà á ṣe bíi ti àwọn àkọ́kọ́. Owó orí á gba 10, wọ́n á fi 6 pamọ́, 8 á lọ sí òkèèrè, 16 á kù. Èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ 6.4. Ẹ rí i pé ìdá méjì nínú márùn-ún, ìyẹn 0.4, ló ń kù nígbà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ro 100, 40, 16, 6.4 àti àwọn tó kù pọ̀ títí wọn ò fi já mọ́ nǹkan mọ́, wọ́n á jẹ́ 166.67 mílíọ̀nù. Dípò ká máa ro ó bẹ́ẹ̀, ìlànà kúkúrú wà fún un. c ni ìdá tí wọ́n ń ná, t ni owó orí, m ni ti ọjà òkèèrè:

```
k = 1 / (1 - c(1 - t) + m)
k = 1 / (1 - 0.8 × 0.75 + 0.2)
k = 1 / 0.6 = 1.67
```

Ká ní kò sí owó orí, tí kò sì sí ọjà òkèèrè, ìlọ́po yìí ì bá jẹ́ 5. Tí a bá fi owó orí nìkan kún un, ó já sí 2.5. Nígbà tí ọjà òkèèrè náà wá dé, ó di 1.67. Ẹ ò rí i pé àwọn ihò yẹn kì í ṣe kékeré.

Ó dáa, báwo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí 1.54? Ìlànà tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ rí báyìí:

```
k = 1 / (MPS + MPT + MPM)
```

Ìyẹn ni pé kí a ro ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí a fi pín 1. Ìlànà náà dára, kò yàtọ̀ sí ti òkè yẹn. Ọmọ náà wá kọ 0.2 fún ìfipamọ́, 0.25 fún owó orí, 0.2 fún ọjà òkèèrè. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 0.65, ó sì rí 1.54.

Mo bi í pé, "Pẹ́nsì 20 tí wọ́n ń fi pamọ́ yìí, nínú pọ́n-ùn wo ni?" Ó dákẹ́, ó tún ìbéèrè kà, ló bá pariwo. Nínú pọ́n-ùn tó kù lẹ́yìn owó orí ni! Kì í ṣe nínú odindi pọ́n-ùn tó wọlé. Nínú odindi pọ́n-ùn, pẹ́nsì 75 péré ló dé ọwọ́ wọn, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ pẹ́nsì 15. Nítorí náà, 0.15 ló yẹ kó kọ. 0.15, 0.25 àti 0.2 jẹ́ 0.6. Ìlànà méjèèjì wá pàdé ní 1.67.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé òun ti ṣì í, tí kò bá sí ìdáhùn níwájú rẹ̀? Ẹ wo ohun tó jò. Gbogbo 100 mílíọ̀nù tí ìjọba dà sínú agbè gbọ́dọ̀ jò tán bó pẹ́ bó yá. Lórí 166.67, owó orí jẹ́ 41.67, ọjà òkèèrè jẹ́ 33.33. Ohun tó kù lẹ́yìn owó orí jẹ́ 125, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ jẹ́ 25. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 100 gééré. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 153.85 tí ìdáhùn ọmọ náà mú wá. Ẹ máa rí 92.31. Níbo ni ohun tó lé ní mílíọ̀nù méje wọlẹ̀ sí? Tí owó bá sọnù báyìí, ìṣírò ti wọ́ nìyẹn.

Pàkúté kan náà wà lára ọjà òkèèrè. Tí ìbéèrè bá sọ pé pẹ́nsì 20 nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n NÁ ló ń lọ sí òkèèrè, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú pẹ́nsì 60 tí wọ́n ná, pẹ́nsì 12 ló lọ, pẹ́nsì 48 ló kù nílé. Ìlọ́po á jẹ́ 1 tí a fi 0.52 pín, ìyẹn 1.92. Ẹ ka gbólóhùn náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣírò.

Ẹ tún wo owó ìjọba fúnra rẹ̀. Tí 40 nínú 100 mílíọ̀nù yẹn bá jẹ́ owó ẹ̀rọ tí wọ́n rà tààrà láti ilẹ̀ míì, 60 péré ló wọ ìlú. Ẹ fi 1.67 sọ 60 di púpọ̀, ẹ máa rí 100. Ìlọ́po kò yí padà, ohun tí a dà sínú agbè ló dín kù.

Ẹnìkan á ní, kí ni ti gbogbo èyí? Ẹ yí ìbéèrè náà po. Ká ní ìjọba fẹ́ dín gbèsè kù, tó wá gé 100 mílíọ̀nù kúrò nínú ìnáwó rẹ̀. Owó tó ń wọlé fún ìlú á fi 166.67 dín kù, owó orí náà á sì fi 41.67 dín kù. 58.33 péré ni ìjọba rí fi pamọ́ nínú 100 tó gé. Ẹni tó bá ro ìlọ́po kéré jù á rò pé gígé náà kò ní dun ìlú púpọ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2012, àjọ IMF gbé àyẹ̀wò kan jáde tó fi hàn pé ìlọ́po tí àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ń lò tó nǹkan bí 0.5, nígbà tó dà bíi pé 0.9 sí 1.7 ló jẹ́ gan-an láti ìgbà tí ìdààmú ọrọ̀ ajé 2008 ti bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín ní Ìlú Ọba, OBR, ọ́fíìsì tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìṣúná ìjọba, lo 1.0 ní 2010 fún owó iṣẹ́ ńlá bí ọ̀nà àti ilé ìwòsàn, 0.6 fún ìnáwó ojoojúmọ́, àti 0.3 fún owó orí lórí owó oṣù. Owó orí kéré nítorí pé tí ìjọba bá dín in kù, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ fi díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ná ìyókù.

Kí ló dé tí 1.67 tiwa fi ju 1.0 lọ? Ìbéèrè inú ìwé gbà pé àwọn tí kò níṣẹ́ wà nílẹ̀ tó ń dúró de iṣẹ́, pé ọjà kò ní wọ́n, àti pé báńkì àgbà kò ní gbé èlé sókè. Tí gbogbo èèyàn bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, owó tuntun á kàn mú kí ọjà wọ́n ni. Tí èlé bá lọ sókè, àwọn tó fẹ́ yá owó kọ́lé á fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn 2008, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olówó, àìníṣẹ́ pọ̀, èlé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo, kò sí ibi tí báńkì tún lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí láti fi tu ìlú lára nígbà tí ìjọba ń gé ìnáwó. Ohun tó jẹ́ kí ìlọ́po ga nígbà náà nìyẹn.

Ẹ gba ọ̀kan lọ sílé. c jẹ́ 0.9, t jẹ́ 0.2, m jẹ́ 0.12 nínú owó tó wọlé, ìjọba sì ná 50 mílíọ̀nù. Ìlọ́po tí ẹ máa rí ni 2.5, owó ìlú á fi 125 lé. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán o. Ẹ ṣírò ohun tó jò sínú owó orí, ìfipamọ́ àti ọjà òkèèrè, kí ẹ wò ó bóyá ó pé 50. Ó dìgbà kan ná.