Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpè Kàríà Dè, Tí A Sì Ń Dá Ọjọ́ Mìíràn

“Màá gbìyànjú láti wá.” Gbólóhùn yìí ló máa ń da ètò Kàríà Dè rú, ìyẹn ọjọ́ tí ilé-ìwé ń pe àwọn òṣìṣẹ́ láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fáwọn ọmọ. Ẹni tó sọ ọ́ ti mọ̀ pé òun kò ní ráyè; ojú ọ̀gá ilé-ìwé ló ń tì í. Létí ilé-ìwé ẹ̀wẹ̀, “mò ń bọ̀” ló sọ. Wọn á tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò, àga rẹ̀ á sì ṣófo lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn. Ilé-ìwé girama kan kọ̀wé pè é fún Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Rósítà oṣù náà ti jáde, iṣẹ́ àárọ̀ ló sì ní ní yàrá ìgbẹ̀bí. Kò rí ẹni tí yóò bá a pààrọ̀. Ohun tó kàn ni kó kọ̀wé kọ ìpè náà kíákíá, kí kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé lè ráyè wá ẹlòmíràn.

Kò lè ní kí wọ́n sún Kàríà Dè síwájú nítorí òun. Wọ́n ti pe lọ́yà, wọ́n ti pe òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n ti háyà kánópì. Ohun tó lè bèèrè ni àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú kíláàsì kan, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an dára ju Kàríà Dè lọ, níbi tí èèyàn mẹ́wàá ti ń du ohùngbohùn, tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan.

Kíláàsì wo wá ni? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dá ọjọ́ tí kò wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, kó sì gba kírẹ́díìtì nínú gbogbo wọn. Ọmọ tó ti wà ní ẹ̀ka àátì ní girama àgbà kò ní ka méjì nínú wọn mọ́, bóyá mẹ́ta. Nítorí náà, àwọn tó wà ní ọdún kẹta girama kékeré, tí wọn kò tíì pín sí ẹ̀ka, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wúlò fún jù. Àwọn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ń fẹ́ gbọ́ nípa JAMB, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n sì máa ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá dé lóṣù Karùn-ún ti pẹ́ jù fún wọn.

Ó yan kíláàsì kẹta. Ìdánwò táàmù kejì sábà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Kẹta, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ló yẹ. Ṣùgbọ́n rósítà oṣù Kẹta kò tíì jáde! Kó tó kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀, ó ní láti lọ bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n bá òun fi ọjọ́ méjì náà ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ìgbà tí ọ̀gá gbà ló tó kọ èyí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo dúpẹ́ fún ìwé ìpè yín. Iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ní lọ́jọ́ 12 oṣù Kejì, n kò sì ní lè wá. Ẹ má ṣe fi orúkọ mi sínú ètò. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, mo lè wá bá àwọn ọmọ ọdún kẹta girama kékeré sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, tàbí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, láago mẹ́wàá àárọ̀. Màá pa ọjọ́ méjèèjì mọ́ títí di ọjọ́ 20 oṣù Kejì.”

Ìdí kan ṣoṣo ló sọ, kò rojọ́. “Ẹ má ṣe fi orúkọ mi sínú ètò” lè dà bí ọ̀rọ̀ líle, àmọ́ òun ló ń pa iyèméjì rẹ́. Kò sọ pé “ọjọ́ tó bá wù yín”, torí pé ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀ ń ti gbogbo iṣẹ́ padà sọ́rùn ilé-ìwé ni. Ọjọ́ tó ní kí wọ́n fèsì ń jẹ́ kó lè dá ọjọ́ ìsinmi kejì padà fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Bó bá sì fẹ́ dárúkọ nọ́ọ̀sì mìíràn tó lè dípò rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi onítọ̀hún ná.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló fọwọ́ sí ìpè náà, òun ni ìwé yóò lọ bá; kí nọ́ọ̀sì sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ lórí Wọsáàpù. Wọ́n lè gbé ọ̀gá kúrò láàárín táàmù, kí ìwé náà sì wà nínú fáìlì láìsí ẹni tó rántí rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ ni kó pè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó bi í bóyá kíláàsì náà kò ní ìdánwò kéékèèké lọ́jọ́ náà.