“Ẹ yọjú lọ́la”: ọ̀la wo?

“Ọ̀gá mi, ẹ yọjú sí wa lọ́la ní bíi mẹ́wàá sí mọ́kànlá ní Ìkẹjà. Ẹ mú pépà yín dání o. Ẹ má jẹ́ ká rí ṣégè!”

Ká ní aago méjìlá òru ku díẹ̀ ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Tó bá jí kà á láàárọ̀, “ọ̀la” ti di ọjọ́ mìíràn lójú rẹ̀. Ìkẹjà ńkọ́? Ó fẹ̀ púpọ̀. “Pépà” ló burú jù, torí ẹlòmíràn á mú fọ́tókọ́pì nìkan wá, wọ́n á sì ní kó padà lọ mú ojúlówó.

Ẹni tó fẹ́ tún un kọ kò gbọdọ̀ méfò. Kó kọ́kọ́ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè, kó tó wá kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. A pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ akọ̀wé ní Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta 2026, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Ọ́fíìsì wa wà ní Òpópónà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ìkẹjà, ní àjà kejì. Ẹ mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí Wáẹ̀kì yín wá ká wò ó, pẹ̀lú ẹ̀dà kan tí a ó gbà, àti káàdì ìdánimọ̀. Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fèsì sí nọ́ńbà yìí kó tó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà ojúlé kò sí níbẹ̀: ọ̀gá kò tíì sọ ọ́, nítorí náà kò tíì yẹ ní fífi ránṣẹ́.