Máàpù Tí Ọwọ́ Ń Kà: Bí A Ṣe Ń Ṣe Iṣẹ́ Ìwádìí fún Kíláàsì Àjọkọ́

Kíláàsì àjọkọ́ ni kíláàsì tí ọmọ tó ní ìpèníjà ara àti ọmọ tí kò ní ti ń jókòó gba ẹ̀kọ́ kan náà lọ́wọ́ olùkọ́ kan náà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018, tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, kà á léèwọ̀ láti ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, ó sì ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Òfin lè mú ọmọ wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń sọ bóyá ó máa rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kan fi lè yan ṣíṣe ohun èlò ìkọ́ni fún iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gboyè.

Orí àkòrí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ wọ́. Àkòrí bíi "Ipa ohun èlò ìkọ́ni lórí ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá" fẹ̀ jù. Ohun tí ọmọ tí kò ríran nílò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ nílò, ohun èlò kan kò sì lè tó fún gbogbo ẹ̀kọ́. Àkòrí tó ṣeé ṣe máa ń sọ nǹkan mẹ́rin: irú ọmọ tó wà fún, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́, ohun èlò tí wọ́n máa ṣe, àti ohun tí wọ́n máa wò láti mọ̀ pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Àpẹẹrẹ kan ni: "Máàpù àfọwọ́kà láti kọ́ ọmọ tí kò ríran nípa bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ṣe pàdé, ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀kọ́ yìí yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó láti fi kọ́ ọ. Odò Ọya gba ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn wọ Nàìjíríà, Bẹ́núè sì ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù ní ìlà-oòrùn. Wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja, omi wọn sì jọ ṣàn lọ sí gúúsù títí dé òkun. Ọmọ tó ríran á wo máàpù ara ògiri lẹ́ẹ̀kan, á sì rí i pé ọ̀nà omi náà là bíi lẹ́tà Y. Ọmọ tí kò ríran lè ka gbólóhùn náà sórí láìmọ bí odò méjèèjì ṣe tẹ̀ sí ara wọn.

Iṣẹ́ máàpù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyọ nǹkan kúrò. Ojú lè rí gbogbo máàpù lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìka ń kà á díẹ̀díẹ̀ ni, ọmọ náà sì ní láti to ohun tó fọwọ́ bà pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Nítorí náà, ààlà orílẹ̀-èdè, odò méjì, òkun àti ìlú kan ṣoṣo, Lọ́kọ́ja, ló yẹ kó kù. Ààlà ìpínlẹ̀ àti orúkọ àwọn ìlú mìíràn kò ní ṣe níbẹ̀. Páálí líle tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42 ní gígùn àti 30 ní ìbú dára, torí ọwọ́ ọmọdé méjèèjì lè yí i ká láìjẹ́ pé ó dìde.

Lẹ́yìn èyí ni ohun kọ̀ọ̀kan á gba ìrísí tirẹ̀ lábẹ́ ìka. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀ lè jẹ́ ààlà, okùn tó nípọn jù ú lọ dáadáa lè jẹ́ odò. Sáńpépà tí káfíńtà fi ń dán igi lè jẹ́ òkun, bọ́tìnnì kan sì lè jẹ́ Lọ́kọ́ja. Àlàfo tó wà láàárín nǹkan méjì kò gbọdọ̀ dín sí nǹkan bíi mìlímítà 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka á kà wọ́n sí ẹyọ kan. Iyanrìn lásán tí wọ́n dà sórí gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ kó tó máa já bọ́, á sì dàpọ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe òkun.

Orúkọ gbọ́dọ̀ wà ní Búréèlì, ìyẹn ìkọ̀wé olójúàmì mẹ́fà tí Louis Braille ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde lọ́dún 1829. Lẹ́tà Búréèlì kan gba nǹkan bíi mìlímítà 6 ní ìbú, kò sì ṣeé kọ kéré sí i. "Lokoja" nìkan á gbà ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ohun tó dára ni kí lẹ́tà kan ṣoṣo dúró fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí àlàyé lẹ́tà náà wà lórí páálí mìíràn. Orúkọ kan náà á tún wà ní lẹ́tà gàdàgbà dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, odò náà á sì ní àwọ̀ búlúù. Nípa bẹ́ẹ̀, máàpù kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì á jọ máa lò. Fún ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè yé, olùkọ́ lè ṣe é ní páálí mẹ́ta: àkọ́kọ́ ní ààlà nìkan, ìkejì ní odò pẹ̀lú ààlà, ìkẹta ní gbogbo rẹ̀.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń ka máàpù: kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì yí ààlà ká, kó wá àríwá, lẹ́yìn náà kó tọ odò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìka rẹ̀ bá ń ṣáko kúrò lórí odò bọ́ sórí ààlà níbi kan náà nígbà gbogbo, okùn méjèèjì ló jọra jù tàbí tó sún mọ́ra jù. Máàpù ló nílò àtúnṣe níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń díwọ̀n àǹfààní rẹ̀ tún gba ìrònú. Kíláàsì àjọkọ́ kan lè má ní ju ọmọ kan tí kò ríran lọ, nítorí náà kò sí ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ọmọ náà ni wọ́n á fi wé ara rẹ̀. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè mẹ́fà ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí máàpù tó dé, wọ́n á sì tún bi í ní ìgbà mẹ́rin lẹ́yìn tó ti ń lò ó. Ká ní ó gba 2, 1, 2, 2 ní ìṣáájú, tó wá gba 4, 5, 5, 6 lẹ́yìn náà: ìfòsókè náà hàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí máàpù wọlé. Bó bá jẹ́ 1, 2, 3, 4 ló gbà ní ìṣáájú, ó ti ń gòkè tẹ́lẹ̀, a kò sì lè gbé e fún máàpù.

Ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lè di àkọ́sórí, torí náà ó yẹ kí wọ́n máa yí wọn padà. Ìdánwò tó dájú jù ni kí wọ́n fún ọmọ náà ní páálí tó ní ààlà nìkan àti okùn méjì, kó fi wọ́n to odò méjèèjì fúnra rẹ̀. Bí ó bá mú wọn pàdé ní àárín gbùngbùn, tó sì darí wọn sí gúúsù, ó ti mọ̀ ọ́n. Àbájáde lórí ọmọ kan kò ní í fi hàn pé gbogbo ọmọ ló máa rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí olùwádìí kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá kọ ìwọ̀n páálí, irú okùn àti àwọn àtúnṣe tó ṣe sílẹ̀, olùkọ́ mìíràn lè ṣe irú máàpù náà, kó sì dán an wò pẹ̀lú ọmọ mìíràn.