Níbo ni Olúkúlùkù Wọn Wà? Bí Káàdì Ikọ́ Fée Ṣe ń Di Ìròyìn Oṣù Mẹ́ta

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2025, tí alábòójútó ikọ́ fée ní ìjọba ìbílẹ̀ bá wọ kílíńnìkì, ó ní àwọn kan tó wá bèèrè: àwọn aláìsàn tó forúkọ sílẹ̀ láàrin oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ wọn ti lé ní ọdún kan. Àwọn mìíràn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, àwọn kan ti kó kúrò ládùúgbò, àwọn kan sì ti kú. Ohun tí alábòójútó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ìtọ́jú olúkúlùkù já sí.

Ó nídìí tí wọ́n fi dúró tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú ikọ́ fée tí oògùn ń ràn: oògùn mẹ́rin pa pọ̀ fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì nínú wọn fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2024 kò lè parí ṣáájú ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá pa ọjọ́ jẹ yóò san án padà, èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti láàbù dé, ìròyìn ẹni tó kó lọ sí ìlú mìíràn náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Tí ọdún kan bá ti kọjá lórí ọ̀wọ́ kan, àwáwí pé ìtọ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́ ti tán.

Dókítà Karel Styblo, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹkosilofákíà, ló fi ìlànà yìí múlẹ̀ ní Tànsáníà láti ìparí àwọn ọdún 1970. Bí olùkọ́ àgbà ṣe lè mú orúkọ gbogbo ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún kan, kó sì máa bèèrè níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni Styblo ní kí wọ́n ṣe fún gbogbo aláìsàn tó jọ forúkọ sílẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta. Ẹni tí a kò rí mọ́ ṣì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú kílíńnìkì kan ní Ìbàdàn, irú èyí tí èrò ti máa ń kún ìta rẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ lò, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ náà nìyí.

Rẹ́jísítà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí, kí wọ́n tó fọwọ́ kan káàdì rárá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí káàdì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, nítorí káàdì ẹni tó ń wá déédéé ló máa ń wà lókè níbẹ̀. Ti ẹni tó kú, wọ́n lè ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ti ẹni tí kò wá mọ́, ó lè wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, lábẹ́ páálí oògùn. Nínú rẹ́jísítà, kò sẹ́ni tó lè sá kúrò lórí ìlà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ìlà 48 ni kílíńnìkì wa ní fún oṣù mẹ́ta náà, iye kan náà tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí wọ́n ròyìn àwọn aláìsàn tuntun. Ìlà méjì ni yóò kúrò. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ ẹni kan náà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin kan pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ, nígbà tó padà dé, nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tuntun. Ìkejì jẹ́ ọkùnrin tí àyẹ̀wò fi hàn ní oṣù kejì pé oògùn rifampísìn kò ran kòkòrò ara rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sórí oògùn mìíràn. Ọ̀wọ́ àwọn tó ń gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ka tirẹ̀. Ó ku 46. Iye yìí kò gbọ́dọ̀ yí padà mọ́ títí wọn yóò fi parí iṣẹ́. Ikú kò lè dín in kù, kíkó lọ kò lè dín in kù, àìrí ẹni kò sì lè dín in kù.

Àpótí mẹ́fà ló wà tí ẹni 46 náà lè bọ́ sí, ẹnì kan kò sì lè wà nínú méjì: ó wò sàn, ó parí ìtọ́jú, ìtọ́jú kùnà, ó kú, ìtọ́jú já lágbedeméjì, tàbí a kò mọ àbájáde rẹ̀. Ikú tí wọ́n ń sọ níbí kò bèèrè ohun tó fà á. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní oṣù kẹrin ìtọ́jú wà níbẹ̀ bíi ti ẹni tí ikọ́ pa. Ìtọ́jú kùnà ni ti ẹni tí wọ́n ṣì ń rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ìjà ti máa ń pọ̀ jù ni àárín àpótí kìn-ín-ní àti ìkejì. Ẹ wo káàdì obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Wọ́n rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ìtọ́jú, kò sí kòkòrò. Ní oṣù karùn-ún, kò sí. Àlàfo oṣù kẹfà ṣófo, àmọ́ ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì pé ó wò sàn. Nínú ìtumọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013, ẹni tí wọ́n rí kòkòrò lára rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí àyẹ̀wò oṣù ìkẹyìn kò rí nǹkan kan, tí ó kéré tán àyẹ̀wò kan ṣáájú náà kò sì rí nǹkan kan, ni wọ́n lè kà sí ẹni tó wò sàn. Àlàfo ìkẹyìn tí ó ṣófo túmọ̀ sí pé ó parí ìtọ́jú, ibẹ̀ ló mọ. Àjọ náà tún ìtumọ̀ yìí tò ní 2021, nítorí náà ó yẹ kí kílíńnìkì mọ èyí tó wà nínú ìwé ìlànà tó ń lò, kó má sì lo méjèèjì pọ̀ fún ọ̀wọ́ kan.

Àmọ́ kí wọ́n tó gbé obìnrin náà lọ sí àpótí kejì, ó yẹ kí ẹnì kan rìn dé láàbù. Rẹ́jísítà láàbù máa ń ní èsì tí ẹnikẹ́ni kò kọ padà sórí káàdì, pàápàá lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ní ti obìnrin yìí, èsì ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ wà níbẹ̀: kò sí kòkòrò. Ó wò sàn lóòótọ́, ẹ̀rí sì wà. Ẹni tó bọ́ sórí oògùn láìsí pé àyẹ̀wò rí kòkòrò, tó jẹ́ pé dókítà wo fọ́tò àyà rẹ̀ àti àìsàn rẹ̀ ló fi pinnu, kò lè wọ àpótí kìn-ín-ní láé. Tí a bá bá a níbẹ̀, àṣìṣe ni.

Káàdì kejì tó yẹ ká dúró tì jẹ́ ti ọkùnrin kan tí àmì oògùn rẹ̀ lọ déédéé títí di ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Lẹ́yìn náà, àlàfo lásán. Àmì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Ọjọ́ 55 ló fi wà láìgba oògùn, kò tíì pé oṣù méjì, nítorí náà ìtọ́jú rẹ̀ kò já. Ká ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ló padà dé ni, oṣù méjì ti kọjá. Ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò wọ àpótí karùn-ún títí láé, yóò sì gba ìlà tuntun nínú ọ̀wọ́ oṣù mẹ́ta tó bọ́ sí, bí ẹni tó padà wá lẹ́yìn tí ìtọ́jú já. Inú wa máa ń dùn pé ó padà dé, ìdùnnú yìí gan-an ló sì máa ń jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ pa ìlà àtijọ́ náà rẹ́. Tí wọ́n bá pa á rẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ mọ́ pé kílíńnìkì náà pàdánù rẹ̀ fún oṣù méjì.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ojú gbogbo alábòójútó máa wò. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ojú àlàfo 31 ni wọ́n ya fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù kejì ọdún 2024 ní ọjọ́ 29 péré. Káàdì tí àmì wà ní ọjọ́ 30 àti 31 oṣù kejì, tí gbogbo àmì rẹ̀ sì dọ́gba, tí bírò kan ṣoṣo sì kọ gbogbo wọn, ẹnì kan ló jókòó kún un lọ́jọ́ kan. Ìwé oògùn tó jáde ni yóò sọ bóyá aláìsàn náà gba oògùn lóòótọ́. Iṣẹ́ pọ̀ fún nọ́ọ̀sì kan tó ń dá nìkan ṣe gbogbo rẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ojú àlàfo tó ṣófo ló ń jẹ́ kí a wá ẹni tí kò wá. Tí wọ́n bá ti kún un, kò sẹ́ni tí yóò wá a.

Ẹni tó kó lọ sí Ìlọrin ní oṣù kẹrin ṣì jẹ́ ti kílíńnìkì tó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Ibi tó dé ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í kà á mọ́ ọ̀wọ́ tiwọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá èsì padà. Bí èsì kò bá dé, alábòójútó a gbé fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọkùnrin kan tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?" Ìpè bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹnì kan láti àpótí kẹfà lọ sí ìkejì láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sì lè jẹ́ pé kò dé ibẹ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n parí, báyìí ni 46 náà ṣe pín: 20 wò sàn, 17 parí ìtọ́jú, ìtọ́jú kùnà fún 1, 3 kú, ìtọ́jú 3 já, a kò sì mọ àbájáde 2. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 46 gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ 45, ẹnì kan ṣì wà lábẹ́ dúrọ́ọ̀. Àpótí méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní àṣeyọrí: 37 nínú 46, ìyẹn ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan a yọ 5 tí wọn kò rí òpin ìtọ́jú wọn kúrò ná, kí wọ́n tó pín in. Nígbà náà, 37 nínú 41 yóò di ìdá 90. Kò sí ẹyọ aláìsàn kan tó tún sàn sí i láàrin ìdá méjèèjì.

Lẹ́yìn ìṣirò ni kíkà tó ń bọ̀. Alábòójútó a tẹ́ káàdì àwọn mẹ́ta tó kú síwájú, a sì fi ọjọ́ ikú wé ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Àwọn méjì kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, èyí tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pẹ́ kí wọ́n tó dé kílíńnìkì, nítorí náà ìbéèrè ọ̀rọ̀ wọn wà níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lọ wo ikọ́ náà. Àwọn mẹ́ta tí ìtọ́jú wọn já, oṣù kẹta ni gbogbo wọn kúrò, lẹ́yìn tí ikọ́ ti rọlẹ̀, tí ara ti ń mókun, tí wọ́n sì ti ń gba oògùn oṣù kan lọ sílé lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìròyìn náà pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá wà ní oṣù kẹta tí kò wá gba oògùn, kí wọ́n pè é kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìpè náà sórí káàdì.