Èyí Tó Kọ́kọ́ Dé, àbí Èyí Tó Máa Kọ́kọ́ Bàjẹ́?

Ẹni tó ń ta iṣu kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tà. Kò sí déètì lára iṣu, kò sì sí ohun tó burú nínú pé kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde. Yàrá oògùn ni ìlànà yìí ti ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ó gbà pé ọjà tó dé kẹ́yìn ló máa bàjẹ́ kẹ́yìn. Oògùn kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Alágbàtà lè kó èyí tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó kó wá lóṣù méjì sẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ìwòsàn kékeré kan ń lo pákẹ́ẹ̀tì oògùn ibà 40 lóṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n gba 200, tí EXP 12/2026 wà lára rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta bẹ̀rẹ̀, 120 mìíràn dé, EXP 06/2025. Déètì tó dárúkọ oṣù nìkan, ìparí oṣù náà ló túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọjà dé, 200 àkọ́kọ́ ni wọn yóò máa lò títí oṣù karùn-ún yóò fi parí. Oṣù kẹfà nìkan ló kù fún 120 yẹn: wọn yóò lo 40, 80 yóò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ déètì ni wọ́n ń wò, wọn yóò lo 120 náà tán láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, wọn yóò wá padà sórí 120 tó ṣẹ́ kù nínú ti àkọ́kọ́. Ẹyọ kan ò ní ṣòfò.

Máákà ni irinṣẹ́ rẹ̀. Kọ déètì gàdàgbà sí iwájú páálí, kí èyí tí déètì rẹ̀ sún mọ́ jù wà níwájú lórí pẹpẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ àárọ̀ yìí ló dé. Òṣìṣẹ́ tó ń kánjú, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ló ń mú. Ìdí nìyẹn tí títo páálí lérí ara wọn dé àjà fi ń ba gbogbo ètò jẹ́: tuntun lókè, ògbólógbòó nísàlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tiẹ̀ tún ní ohun tó ju déètì lọ. Lára ọ̀pọ̀ ìgò rẹ̀, igun mẹ́rin kékeré kan wà láàárín òbìrí, ooru ló sì ń sọ ọ́ di dúdú. Ìgò tí tirẹ̀ bá ti ń ṣókùnkùn ni kí a kọ́kọ́ lò, kódà bí déètì rẹ̀ bá jìnnà. Tí igun mẹ́rin náà bá ti dúdú tó òbìrí tó yí i ká, dídà nù ló kàn.

Ṣùgbọ́n kò sí ètò tó lè gba ọjà tó ti pọ̀ jù là. Ká ní 240 ló dé lóṣù kẹta yẹn, 160 péré ni wọn ì bá rí lò kí déètì tó pé. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gba ọjà, ẹ fi iye tí ẹ ń lò lóṣù sọ iye oṣù tó kù lọ́nà púpọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì dá èyí tó bá lé padà.