Nọ́ńbà Lárúbáwá nínú fọ́tò ìwé ọjà: ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀

Mo ṣèlérí pé màá sọ̀rọ̀ lórí ìwé ọjà tó ń ti Íjíbítì àti Dùbáì wá, èyí tí a máa ń ya fọ́tò rẹ̀ kí fóònù bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí ó ti mú mi fẹ̀sùn olè kan ọmọ ọlọ́mọ rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti Káírò. Nígbà tí ẹrù dé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ẹrù fún wa gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á, ó jẹ́ 65. Mo wo ìwé tí oníbàárà mi kọ, mo rí 70. Fóònù ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi, ṣùgbọ́n ó fi nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò kọ sílẹ̀ bó ṣe wà, èmi sì fi ojú ara mi kà á. Mo ní, “Márùn-ún dà?” Ọmọ náà búra títí, mi ò gbọ́. Málàm tó ń ta tùràrí ní iwájú mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, “Sittin da biyar ne.” Ọgọ́ta àti márùn-ún ni. Ojú tì mí. Mo bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo èèyàn tí mo ti pariwo lé e lórí.

Kí ni mo ṣì kà? Ohun tó wà lórí ìwé ni ٦٥. Mo rí ohun tó jọ 7, mo tún rí róbótó, mo ní 70 ni. Àwọn Lárúbáwá kan, bíi ti Íjíbítì, Sudan àti Saudi, ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéwú ti mọ̀ wọ́n, torí òun náà ni wọ́n máa ń fi ka ẹsẹ inú Kùránì. Ní Mòrókò, Àlùjíríà àti Tùnísíà, nọ́ńbà tí àwa ń lò ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, pé ìwé jẹ́ ti Lárúbáwá kò sọ irú nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó máa ń tan ni jẹ nìkan. Róbótó, ٥, kì í ṣe òdo o, márùn-ún ni. Òdo tiwọn ni ٠, àmì bíńtín, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹnu bírò kan bébà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó jọ 7, ìyẹn ٦, mẹ́fà ni. Méje tiwọn ni ٧, tó la ẹnu sókè. Mẹ́jọ ni ٨, tó da ẹnu délẹ̀. Mẹ́rin ni ٤, bí 3 tó kọjú sí ibòmíràn. Méjì ni ٢, mẹ́ta sì ni ٣. Àwọn méjì yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, torí àwọn ará Íjíbítì máa ń kọ mẹ́ta ọwọ́ kó jọ méjì inú ìwé títẹ̀. Ọ̀kan àti mẹ́sàn-án kò le, wọ́n jọ tiwa.

Ìwé kan náà lè ní oríṣi méjèèjì: nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ ní oríṣi tiwa lókè, iye ọjà ní oríṣi tiwọn nísàlẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í da oríṣi méjì pọ̀. Tí fóònù bá gbé nọ́ńbà kan jáde tí apá kan jẹ́ tiwa, apá kejì jẹ́ tiwọn, ó ti ṣì í kà nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí òjìji ọwọ́ yín bọ́ sórí rẹ̀. Àmì bíńtín yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọnù nínú fọ́tò tí kò mọ́, tí òdo kan bá sì sọnù, 250 ti di 25.

Ó wá kan ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. A mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa wá rò pé nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Rárá o. Inú nọ́ńbà kan ṣoṣo, èyí tó tóbi jù ló wà lápá òsì, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. ٦٥ ni 65, kì í ṣe 56. Lẹ́nu, wọ́n máa ń dárúkọ márùn-ún kí wọ́n tó dárúkọ ọgọ́ta. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: àrúndínláàádọ́rin là ń pè é, márùn-ún la fi ṣíwájú, síbẹ̀ a kì í torí ẹ̀ kọ 5 ṣíwájú. Nítorí náà, ẹ má yí nọ́ńbà padà.

Ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún ni ètò àwọn nǹkan tó wà lórí ìlà. Nínú ìwé ọjà tèmi, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ẹ máa kọ́kọ́ rí nọ́ńbà ìlà, ìyẹn 1. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn ni الكمية, iye ẹyọ ọjà. Ó kan السعر, owó ẹyọ kan. Lápá òsì pátápátá ni الإجمالي, àpapọ̀ owó. Tí fóònù bá gbé Gẹ̀ẹ́sì lé orí fọ́tò, nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣì máa wà níbi tó wà. Àmọ́ tí ẹ bá ní kó kó ọ̀rọ̀ náà jáde kí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó lè tò wọ́n láti òsì: àpapọ̀ owó á ṣíwájú, orúkọ ọjà á wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ á fi owó pe iye ọjà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí fóònù kó jáde ránṣẹ́ láìfi fọ́tò tì í.

Ẹ̀rí wo la máa fi mọ̀ pé a kà á dáadáa? Ìṣirò ni. Ìlà tèmi ní ٦٥, ó ní ٢٥٠, ó sì ní ١٦٢٥٠. Bí mo ṣe kà á lọ́jọ́ yẹn, mo ní 70 ẹyọ, owó ẹyọ kan 200, àpapọ̀ 17,200. Gbogbo róbótó ni mo sọ di òdo, àmì bíńtín náà mo rò pé òdo tí bírò kò fà dáadáa ni. Ká ní mo fara balẹ̀ ṣírò ni, 70 lọ́nà 200 jẹ́ 14,000, kò lè jẹ́ 17,200 láéláé. Ẹ wá kà á bó ṣe yẹ: 65 lọ́nà 250 jẹ́ 16,250 pọ́n-ùn Íjíbítì. Ó wọlé géérégé. Ìṣirò yìí náà ló máa bá yín ya méjì àti mẹ́ta sọ́tọ̀. Ohun kan ni kò lè ṣe: kò lè sọ èyí tó jẹ́ iye ọjà àti èyí tó jẹ́ owó, torí 250 lọ́nà 65 náà jẹ́ 16,250. Orí ìlà ni ẹ ó ti wo ìyẹn, kí ẹ sì ka ọjà yín.

Ó kù ọ̀rọ̀ déètì, ìbẹ̀ sì léwu jù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta nǹkan jíjẹ àti ìpara. Déètì kì í ṣe nọ́ńbà kan, mẹ́ta ni. Ẹni tó ń kọ Lárúbáwá máa ń sábà kọ ọjọ́ sápá ọ̀tún, oṣù sí àárín, ọdún sápá òsì. Tí ọdún bá pé mẹ́rin, bíi 2026, kò sí wàhálà, ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé e sí méjì ńkọ́? Ìyá wa kan ní Kàdúná fi fọ́tò páálí kan ránṣẹ́ sí mi. تاريخ الإنتاج, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, jẹ́ ٢٤/٩/٢٥ lórí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni تاريخ الانتهاء, ìyẹn ẹkispáyà, wọ́n sì kọ ٢٦/٩/٢٤ síwájú rẹ̀. Ìyá ní ó ti bàjẹ́, pé ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2024 ni. Wọ́n ti fẹ́ kó o dànù.

Mo ní, “Ìyá, ẹ dúró ná, ẹ ka déètì méjèèjì bákan náà.” Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì bí ìyá ṣe kà á, a jẹ́ pé wọ́n ṣe ọjà náà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2025, ó sì bàjẹ́ ní 2024, kí wọ́n tó ṣe é! Kò ṣeé ṣe. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, wọ́n ṣe é ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2024, ó máa parí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2026. Ọdún méjì gééré. Ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu.

Ẹ má wá sọ ọ́ di òfin pé ọ̀tún ni gbogbo déètì ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí èèyàn bá tẹ déètì sẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, tó fi àmì - sí àárín, ẹ̀rọ á to ọjọ́, oṣù àti ọdún láti ọ̀tún. Tó bá fi àmì / sí i, ẹ̀rọ á tò ó láti òsì. Ẹnì kan náà, déètì kan náà, ó lè jáde lọ́nà méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ déètì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí ọ̀nà méjèèjì sì bọ́gbọ́n mu, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kó kọ orúkọ oṣù jáde, kó sì kọ ọdún pé mẹ́rin. Ẹ má tà á títí yóò fi fèsì.

Ẹni tó bá ní ìwé tí kò yé e, kó gbé fọ́tò rẹ̀ síbí, gbogbo ojú ewé, kó má gé orí ìlà kúrò. A ó jọ wò ó. Ọmọ tí mo fẹ̀sùn kàn lọ́jọ́ yẹn ṣì ń gbé ẹrù fún mi, òun gan-an ló sì ń bá mi ṣírò ìwé báyìí kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó dàárọ̀ o, ọjà á tà.